Ooru inú, ooru ìdásílẹ̀ àbí ẹ́ńtáápì: kí ni ká pe H nínú ìṣirò gáàsì tó ń jó?

Fọlákẹ́:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà èdè. Mò ń kọ ìwé kékeré kan lórí kẹ́mísírì ní Yorùbá fún àwọn ọmọ SS3. Ohun tí wọ́n ń fi H kọ, tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní enthalpy, "ooru" ni mo pè é. ΔHf, ìyẹn ìyípadà H nígbà tí àwọn ẹ́límẹ́ǹtì so pọ̀ di nǹkan kan, mo pè é ní "ooru ìdásílẹ̀". Ọmọ kan wá bi mí pé báwo ni ooru ṣe lè ní àmì ìyọkúrò níwájú, ṣé ooru lè kéré ju òdo lọ ni? Ọ̀rọ̀ wo ló yẹ kí n lò?

Adéwálé:
Àbúrò mi, "ooru inú" ni kó o pè é. Ọ̀rọ̀ Gíríìkì tí wọ́n ti fa orúkọ náà yọ gan-an, "inú" àti "mú gbóná" ló so pọ̀ níbẹ̀. Gáàsì ìdáná ní ooru nínú. Bó bá jó, ooru náà jáde. Kí ọmọ náà mú ooru inú gáàsì, kó yọ ooru inú èéfín kúrò lára rẹ̀, èyí tó bá ṣẹ́kù ni a fi se ọbẹ̀. Ọ́síjìn ní tirẹ̀ kì í dá jó, kò sí ooru kankan nínú rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi kọ òdo sí i nínú tábìlì ΔHf. Àmì ìyọkúrò yẹn, àwọn oníṣirò ló fi síbẹ̀, má jẹ́ kó dà ọ́ láàmú.

Ìyá Arínọlá:
Ẹ̀gbọ́n Adéwálé, òótọ́ lẹ sọ nípa Gíríìkì. Ṣùgbọ́n ibẹ̀ gan-an ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀, nítorí orúkọ náà ń ṣèlérí ohun tí tábìlì kò ní. Ẹ jẹ́ ká fi própéènì dán an wò. Òun àti bútéènì ló máa ń wà nínú gáàsì tí à ń rà. Própéènì kan bá ọ́síjìn márùn-ún jó, ó di kábọ́ọ̀nù dayọ́sáìdì mẹ́ta àti omi mẹ́rin:

```
C3H8 + 5 O2 → 3 CO2 + 4 H2O
```

Ẹ ṣí tábìlì. Fún móòlù kan, ní 25°C, ẹ óò bá própéènì ní −103.8 kJ, kábọ́ọ̀nù dayọ́sáìdì ní −393.5, omi tó ṣì jẹ́ olómi ní −285.8. Ọmọ tí a ti sọ fún pé ooru inú nìyí yóò wo −393.5, yóò wo −103.8, yóò sì rò pé èéfín ni ooru wà nínú rẹ̀ ju gáàsì lọ. Kí ló dé tí a kò wá ra èéfín kiri láti fi dáná? Bẹ́ẹ̀ kábọ́ọ̀nù dayọ́sáìdì la fi ń pa iná.

Ti òdo tó wà níwájú ọ́síjìn, ẹ wo háídírójìn. Háídírójìn ń jó gan-an, kódà wọ́n fi ń ti rọ́kẹ́ẹ̀tì lọ sókè, síbẹ̀ òdo náà ni wọ́n kọ sí i. Ẹ sì wo osóònù: ọ́síjìn ṣáá ni, mẹ́ta ló kàn so pọ̀, ṣùgbọ́n +142.7 ni tirẹ̀. Nítorí náà, kì í ṣe jíjó àti àìjó ni òdo ń sọ. Ohun tó ń sọ ni pé ibí yìí la gbà láti máa wọ̀n láti. Gbogbo ẹ́límẹ́ǹtì, ní ìrísí tó fìdí múlẹ̀ jù lọ ní 25°C lábẹ́ báà kan, ni a fi òdo fún. Kábọ́ọ̀nù tó jẹ́ gíráfáìtì gba òdo. Dáyámọ́ńdì, kábọ́ọ̀nù kan náà, gba nǹkan bíi +1.9.

Bí ẹ bá fẹ́ àwòrán, ẹ wo kànga. Ojú ilẹ̀ la ti ń wọn kànga, a kì í ti ìsàlẹ̀ wọ̀n ọ́n wá sókè. Ojú ilẹ̀ ni kábọ́ọ̀nù, háídírójìn àti ọ́síjìn dúró sí. Nígbà tí kábọ́ọ̀nù mẹ́ta àti háídírójìn so pọ̀ di própéènì, wọ́n sọ̀ kalẹ̀ ní 103.8. Bí wọ́n bá jó di èéfín àti omi, wọ́n lọ sísàlẹ̀ jìnnà:

```
3(−393.5) + 4(−285.8) = −2323.7
−2323.7 − (−103.8)    = −2219.9 kJ
```

Ibi tí wọ́n dé la kọ́kọ́ kọ, ibi tí wọ́n ti gbéra la yọ kúrò. Àmì ìyọkúrò tó wà níwájú 2219.9 ń sọ pé ìwọ̀n yẹn ti kúrò lọ́wọ́ wọn, ó ti bọ́ sára ìkòkò àti afẹ́fẹ́. Bí a bá ṣe é bí ẹ̀gbọ́n ṣe wí, gáàsì ṣáájú kí a tó yọ èéfín, a óò rí 2219.9 láìsí àmì. Ìyẹn tọ́ bó bá jẹ́ pé ohun tí iná fún wa là ń bèèrè. ΔH kò bèèrè ìyẹn o. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí àwọn nǹkan tó jó ló ń tọ́pa. Ibi tí ọ̀pọ̀ ọmọ ti ń pàdánù máàkì nìyí, nítorí bó bá jẹ́ ìdè àárín átọ́ọ̀mù ni wọ́n fún wọn, tí wọ́n ní kí wọ́n fi agbára tó ń já ìdè ṣírò, èyí tó wà níbẹ̀rẹ̀ ló máa ń ṣáájú lóòótọ́. Ẹni tó bá pe méjèèjì ní "ooru inú" kò ní mọ̀ ìgbà tó yẹ kó yí i.

Ẹ jẹ́ ká pè é ní ẹ́ńtáápì, ká má ṣe fi ooru sí i rárá.

Ṣẹ́gun:
Ẹ kú àlàyé, Mà. Níwọ̀n ìgbà tí ẹ ti dárúkọ gáàsì, ẹ bá mi yẹ tèmi wò. Sílíńdà 12.5 kg kì í pẹ́ nílé mi mọ́. Iná rẹ̀ kì í ṣe búlúù bíi ti tẹ́lẹ̀, ó ń pọ́n rẹ́súrẹ́sú, ìdí ìkòkò sì ń dúdú bíi ti ìgbà tí a ń fi igi dáná. Ṣé kì í ṣe pé ẹni tó ń ta á fún mi ti dín ooru inú rẹ̀ kù?

Ìyá Arínọlá:
Ṣẹ́gun, kò sí bí ẹnikẹ́ni ṣe lè mú −103.8 kúrò lára própéènì. Iye gáàsì tó wà nínú sílíńdà lè dín, ìyẹn ẹ gbé e sórí òṣùwọ̀n. Ṣùgbọ́n iná tó pọ́n àti ìkòkò tó dúdú, afẹ́fẹ́ ni kò tó. Dúdú yẹn, kábọ́ọ̀nù tí kò rí ọ́síjìn bá lọ ni. Òmíràn rí ọ́síjìn kan ṣoṣo dípò méjì, ó di kábọ́ọ̀nù mọ́nọ́sáìdì, èyí tí tábìlì kọ −110.5 sí. Ìyàtọ̀ àárín −110.5 àti −393.5 jẹ́ 283, própéènì kan sì ní kábọ́ọ̀nù mẹ́ta. Bí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá dúró ní mọ́nọ́sáìdì, 849 kJ ni kò débi ìkòkò yín lórí móòlù kan. Lóòótọ́, nínú sítóòfù, díẹ̀ nínú wọn ló ń ṣe bẹ́ẹ̀, kì í ṣe gbogbo wọn.

Ẹ pa sítóòfù, ẹ jẹ́ kó tutù, kí ẹ nu orí rẹ̀ àti ihò tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó ṣe ohunkóhun, ẹ ṣí fèrèsé. Kábọ́ọ̀nù mọ́nọ́sáìdì kò ní òórùn, ó sì ń pa ènìyàn.

Fọlákẹ́:
Ẹ ṣé gan-an, Mà. Ìbéèrè kan ló kù. Ìwé kan tó wà lọ́wọ́ mi kọ −2219.9 fún própéènì gẹ́gẹ́ bí ẹ ṣe ṣírò rẹ̀. Òmíràn kọ −2043.9. Mo ti ń rò pé ọ̀kan nínú wọn ṣì í.

Ìyá Arínọlá:
Àwọn méjèèjì tọ́. Ẹ wo àmì kékeré tó tẹ̀lé H2O nínú ìdọ́gba wọn: l ni olómi, g ni gáàsì. Omi olómi ni −285.8, ooru omi tó ti fẹ́ lọ sójú afẹ́fẹ́ jẹ́ −241.8. Ìyàtọ̀ wọn jẹ́ 44, omi mẹ́rin ló wà níbẹ̀, ìyẹn 176, òun náà sì ni ìyàtọ̀ àárín 2219.9 àti 2043.9. Ẹni tó fo àmì yẹn kọjá yóò ṣírò dáadáa, yóò sì gba òdo.

Nílé ìdáná, omi yẹn kì í di olómi kó tó jáde, nítorí náà 2043.9 ló sún mọ́ ohun tí sítóòfù lè fún wa. Kódà kò ní pé bẹ́ẹ̀, nítorí tábìlì gbà pé a bẹ̀rẹ̀ ní 25°C, a sì parí ní 25°C. Bí iná ṣe gbóná tó láàárín méjèèjì kò yí èsì padà. Ohun tí Hess, onímọ̀ kẹ́mísírì kan, fi hàn nìyẹn ní 1840. Ṣùgbọ́n èéfín tó ń gbóná jáde lójú fèrèsé kò dé 25°C nígbà tó kúrò lọ́dọ̀ wa, ó gbé tirẹ̀ lọ.

Mo kíyè sí i pé èmi náà ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ "ooru omi", tí mo sì ní omi tó ti di gáàsì lọ́kàn, èyí tó ń ru sókè. Ọ̀rọ̀ yìí ti ní iṣẹ́ púpọ̀ jù lọ́rùn. Ìdí mìíràn nìyẹn tí kò fi yẹ ká tún gbé H kà á lórí.

Baṣírù, láti Àjàṣẹ́:
Ẹ pẹ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará. Mo fara mọ́ ọn pé kí ooru kúrò níbẹ̀. Ṣùgbọ́n "ẹ́ńtáápì" yín, ẹnu Gẹ̀ẹ́sì lẹ ti gbà á. Lọ́dọ̀ wa ní Bẹ̀nẹ̀, ẹnu Faransé la ti gbọ́ ọ, "àńtálípì" ló ń jẹ́ létí wa. Bí ìwé àbúrò wa bá kọjá ẹnubodè, àwọn ọmọ wa yóò rò pé nǹkan méjì ni. Ẹ jẹ́ ká kúkú máa pe lẹ́tà H náà.

Èyí tó ká mi lára jù ni "ìdásílẹ̀". A ń dá ẹgbẹ́ sílẹ̀, a ń dá ilé ìwé sílẹ̀, a sì ń dá ẹlẹ́wọ̀n sílẹ̀. Ọmọ tó bá ka "ooru ìdásílẹ̀" lè gbọ́ ọ sí ooru tí a tú sílẹ̀. Lórí própéènì àti omi, kò ní mọ̀ pé òun ti ṣìnà, nítorí ooru jáde lóòótọ́ nígbà tí wọ́n so pọ̀. Lórí osóònù tí Ìyá Arínọlá dárúkọ, ṣe ló máa gba òdìkejì, torí ooru ni a fi kún un kó tó lè wà. "Ìtòpọ̀" ni mo fẹ́: láti ara ẹ́límẹ́ǹtì, a tò wọ́n pọ̀.

Adéwálé:
Mo ti fi "ooru inú" sílẹ̀. Háídírójìn tó ń jó tó sì gba òdo ló pa á lọ́wọ́ mi. Ṣùgbọ́n ìtòpọ̀ kò bá mi lára mu, Baṣírù. Igi ìdáná là ń tò pọ̀, igi náà ṣì jẹ́ igi lẹ́yìn tí a tò ó tán. Kábọ́ọ̀nù tó ti di própéènì kì í ṣe èédú mọ́. Kí ni ẹ rí sí "ìsọdi"? Ó sọ kábọ́ọ̀nù àti háídírójìn di própéènì.

Fọlákẹ́:
"Ìsọdi" nìkan kò dá dúró létí mi, Bàbá, bí ìgbà tí gbólóhùn kò tíì parí ni. Ní báyìí, mo ti yọ "ooru" kúrò ní gbogbo ibi tí H wà. "Ẹ́ńtáápì" ni mo kọ, mo sì fi àńtálípì tí Bọ̀dá Baṣírù sọ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ níbi tó ti kọ́kọ́ hàn. Nínú tábìlì, mo fi òpó kan kún un tó ń sọ bóyá olómi, gáàsì tàbí ohun líle ni nǹkan kọ̀ọ̀kan jẹ́. Àyè ìdásílẹ̀ ni mo fi sílẹ̀ lófìfo títí di ọjọ́ tí ìwé máa wọ ilé ìtẹ̀wé.