Ọ̀rọ̀ wo ló yẹ àárín ọ̀wọ́ oníbàárà nínú `KMeans`?

Àdùkẹ́: Ẹ̀yin àgbà, ẹ kú iṣẹ́ o. Mò ń kọ ẹ̀kọ́ kan fún àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń fi `KMeans`, ọ̀nà ìṣirò kan lórí kọ̀ǹpútà, kó àwọn oníbàárà tí ìṣe wọn jọra pọ̀. Mo pe ìpín kọ̀ọ̀kan ní "ẹgbẹ́", mo sì pe ojú ibi tó wà láàárín rẹ̀ ní "olórí ẹgbẹ́". Ṣé á yé ẹni tí kò mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀?

Bàbá Fọlá: Àdùkẹ́, o kú iṣẹ́. Mi ò fara mọ́ "ẹgbẹ́". Ẹni tó wà nínú ẹgbẹ́ mọ̀ pé òun wà níbẹ̀, òun ló dara pọ̀ mọ́ ọn. Àwọn oníbàárà yìí ò mọ ara wọn rí. Ẹlòmíì ló kó wọn jọ nítorí ohun tó rí lára wọn. "Ọ̀wọ́" ló yẹ ẹ́, bí a ṣe ń sọ pé ọ̀wọ́ ẹyẹ tàbí ọ̀wọ́ ẹran. "Olórí" dáa ní tiẹ̀, torí òun ni gbogbo ọ̀wọ́ rọ̀gbà yí ká. Má yí i padà.

Kọ́láwọlé: Bàbá, ẹ ṣeun, mo gba "ọ̀wọ́". Ṣùgbọ́n "olórí" á ṣi akẹ́kọ̀ọ́ lọ́nà. Ẹ jẹ́ ká fọwọ́ ṣe ìṣirò náà, ẹ ó rí ohun tí mò ń sọ.

Ká ní oníbàárà 6 la ní, a sì mọ nǹkan méjì nípa ẹnì kọ̀ọ̀kan: iye ìgbà tó ń wá rajà lóṣù, àti iye ọjà tó ń rà lẹ́ẹ̀kan tó bá wá. Mo fi lẹ́tà pè wọ́n:

B (1, 10), D (2, 12), F (3, 11), G (9, 2), K (10, 3), L (8, 1)

Ẹni tó bá wò ó á rí i pé B, D àti F kì í wá lemọ́lemọ́, àmọ́ wọ́n máa ń kó ọjà púpọ̀. G, K àti L ń wá ṣáá, díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n sì ń rà. Kọ̀ǹpútà ò lè wò ó bẹ́ẹ̀. Àwa la máa kọ́kọ́ sọ iye ọ̀wọ́ tí a fẹ́. Ká ní 2. Lẹ́yìn náà la ó mú ojú ibi méjì láti fi bẹ̀rẹ̀. Mo mọ̀ọ́mọ̀ mú èyí tí kò dáa, ibi tí B wà àti ibi tí D wà.

Kí oníbàárà kọ̀ọ̀kan wá lọ sọ́dọ̀ èyí tó sún mọ́ ọn jù. Láti mọ bí G ṣe jìnnà sí B, ẹ yọ 1 kúrò nínú 9, ó ku 8. Ẹ yọ 2 kúrò nínú 10, ó ku 8. Ẹ fi 8 kọ̀ọ̀kan sọ ara rẹ̀ di púpọ̀, ó di 64 àti 64. Àpapọ̀ wọn jẹ́ 128. Láti G sí D, 149 ni. G bọ́ sọ́dọ̀ B nìyẹn. K àti L náà lọ sọ́dọ̀ B. F nìkan ló bá D lọ.

Ibi tí ọ̀rọ̀ "olórí" ti ní ìṣòro la dé yìí. A ó gbé ojú ibi kọ̀ọ̀kan kúrò níbi tó wà, a ó gbé e lọ sí ìpíndọ́gba àwọn tó wà lọ́dọ̀ rẹ̀. Ti B, G, K àti L: 1, 9, 10 àti 8 jẹ́ 28, ẹ pín in sí 4, ó di 7. 10, 2, 3 àti 1 jẹ́ 16, ẹ pín in sí 4, ó di 4. Ojú ibi tuntun wà ní (7, 4). Ta ló wà níbẹ̀? Kò sẹ́nì kankan. Kò sí oníbàárà kankan nínú àkọsílẹ̀ wa tó ń wá lẹ́ẹ̀méje lóṣù tó sì ń ra ọjà mẹ́rin. Ọ̀kan nínú àwọn èèyàn rẹ̀ ni olórí máa ń jẹ́. Nọ́ńbà lásán ni èyí.

Ti D àti F bọ́ sí (2.5, 11.5). Ẹ tún wọn pín. B jìnnà sí (7, 4) ní 72, ó jìnnà sí ìkejì ní 4.5 péré, ló bá ṣí lọ síbẹ̀. Àwọn yòókù ò kúrò. Ẹ tún ìpíndọ́gba ṣe: (2, 11) àti (9, 2). Ẹ pín wọn lẹ́ẹ̀kan sí i, kò sẹ́ni tó ṣí lọ mọ́, iṣẹ́ parí.

Ṣadé: Ẹ káàbọ̀ o. Níbi iṣẹ́ mi, a ti pín àwọn oníbàárà tẹ́lẹ̀: tuntun, àtijọ́, àti àwọn tó ti lọ. Mo rò pé `KMeans` á máa sọ ibi tí ẹnì kọ̀ọ̀kan bọ́ sí fún wa. Mo fún un ní iye owó tí wọ́n ná lọ́dún àti iye ìgbà tí wọ́n wá. Kò lo orúkọ wa rárá, ó kàn pín wọn sí àwọn tó náwó ńlá àti àwọn tó náwó kékeré. Ṣé orúkọ tí a fún ọ̀wọ́ ló fà á?

Kọ́láwọlé: Rárá, Ṣadé, orúkọ kọ́. Ìpín tó ti lórúkọ tẹ́lẹ̀ ní ọ̀nà tirẹ̀ tí wọ́n fi ń kọ́ kọ̀ǹpútà láti dá a mọ̀. `KMeans` kì í gba orúkọ lọ́wọ́ ẹni. Òun ló ń wá ìpín fúnra rẹ̀, ẹ̀yin lẹ ó wá wò ó tẹ́ ẹ ó fún un lórúkọ lẹ́yìn.

Ti owó yẹn ṣe pàtàkì gan-an. Bí ẹni méjì bá fi ìgbà 5 ju ara wọn lọ, 25 ló máa bọ́ sínú ìṣirò. Bí wọ́n bá fi owó 5,000 ju ara wọn lọ, 25,000,000 ni. Kí ni 25 fẹ́ ṣe níwájú ìyẹn? Ẹ yọ iye ìgbà kúrò kẹ́ ẹ tún un ṣe: bí ìpín náà ò bá yí padà, owó nìkan ló ń pín in. Kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ yọ ìpíndọ́gba kúrò nínú òpó kọ̀ọ̀kan, kẹ́ ẹ fi ìwọ̀n bí àwọn nọ́ńbà ibẹ̀ ṣe fọ́n ká pín in:

```
from sklearn.preprocessing import StandardScaler
from sklearn.cluster import KMeans

X = StandardScaler().fit_transform(data)
km = KMeans(n_clusters=2, n_init=10, random_state=1).fit(X)
print(km.labels_)
```

`data` ni àkọsílẹ̀ àwọn oníbàárà tiyín, ẹ̀yin lẹ ó kọ́kọ́ gbé e wọlé. Ẹ má yọ `n_init=10`. Ó ń jẹ́ kó bẹ̀rẹ̀ láti ibi ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, kó sì mú èyí tó dáa jù. Ìbẹ̀rẹ̀ burúkú tí mo mú lókè tún ara rẹ̀ ṣe, àmọ́ ìgbà míì wà tó jẹ́ pé inú ìpín burúkú ló máa há sí.

Bàbá Fọlá: Mo fi bírò ṣe é, Kọ́láwọlé. Níkẹyìn, (9, 2) bá G mu gẹ́lẹ́. Ṣé G kọ́ ni olórí nígbà náà?

Kọ́láwọlé: Ó kàn ṣe kòńgẹ́ ni, Bàbá. Bí L bá wá lẹ́ẹ̀márùn-ún dípò ẹ̀ẹ̀mẹjọ, ojú ibi yẹn á ṣí lọ sí (8, 2), bẹ́ẹ̀ G ò tiẹ̀ ṣe nǹkan kan. Ẹ sì wo (2, 11), kò bá ẹnikẹ́ni mu. Ọ̀nà míì wà tí wọ́n ń pè ní `KMedoids`. Ní tiyẹn, dandan ni kí àárín jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn oníbàárà fúnra wọn. Ẹ jẹ́ ká tọ́jú "olórí" fún un.

Àdùkẹ́: Ṣé kí n kọ "àárín" nìkan? Àti pé báwo ni akẹ́kọ̀ọ́ ṣe máa mọ̀ pé ọ̀wọ́ 2 ló yẹ?

Kọ́láwọlé: Lẹ́yìn tí ìpín bá parí, ẹ ro jíjìnnà oníbàárà kọ̀ọ̀kan sí àárín tirẹ̀ pọ̀. Nínú àpẹẹrẹ wa, ọ̀wọ́ 1 fún wa ní 203, ọ̀wọ́ 2 fún wa ní 8, ọ̀wọ́ 3 tó dáa jù fún wa ní 5. Ó já lulẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, lẹ́yìn náà kò fi bẹ́ẹ̀ lọ sílẹ̀ mọ́, ìyẹn la fi mú 2. Má wá èyí tó kéré jù o: bí oníbàárà kọ̀ọ̀kan bá dá ọ̀wọ́ tirẹ̀ ní, òfo ló máa jẹ́. Tí oníbàárà bá tó ẹgbẹẹgbẹ̀rún, ó sábà máa ń rọra sọ̀ ni, láìsí ibi tó ti já. Nígbà náà, ẹni tó ni iṣẹ́ ló máa wò ó bóyá ohun tó fẹ́ ṣe fún ọ̀wọ́ kan yàtọ̀ sí ohun tó fẹ́ ṣe fún èkejì.

Bàbá Fọlá: Mo gbà pé kí "olórí" lọ síbi tó yẹ ẹ́. Ṣùgbọ́n "àárín" nìkan ò tó. Bí mo bá sọ pé "àárín ọ̀wọ́ méjì", ta ló máa mọ̀ bóyá àárín ọ̀kọ̀ọ̀kan ni mò ń sọ, àbí àlàfo tó wà láàárín wọn? Kọ "ojú ìpíndọ́gba". Ó sọ ibi tó wà, ó sì sọ bí a ṣe rí i.

Ṣadé: Ó gùn jù fún orí òpó, Bàbá. "Sẹ́ńtà" làwa ń sọ níbi iṣẹ́, kò sì tíì ru ẹnikẹ́ni lójú.

Àdùkẹ́: Mo ti fi "ọ̀wọ́" rọ́pò "ẹgbẹ́" jálẹ̀ ẹ̀kọ́ náà. Màá lo "ojú ìpíndọ́gba" nínú àlàyé. Ti orí òpó ni mi ò tíì mọ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá ní ọ̀rọ̀ kúkúrú tí kò ní da àlàfo pọ̀ mọ́ àárín, kó jọ̀ọ́ fi ránṣẹ́.