Báwo ni mo ṣe lè mọ gíga oúnjẹ nínú fọ́tò?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Fọ́tò ni mo fi ń díwọ̀n oúnjẹ mi. Ṣíbí tí mo gbé sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwo ń jẹ́ kí n mọ bí ìrẹsì ṣe fẹ̀ tó, àmọ́ fọ́tò tí a yà láti òkè kì í fi gíga hàn. Ìrẹsì tó fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 12, tó sì ga ní 2, á tó nǹkan bíi gíráàmù 150, kálórì bíi 200. Tó bá ga ní 4, ìlọ́po méjì ni. Mo gbìyànjú láti yà á láti ẹ̀gbẹ́, etí àwo bo ìdí rẹ̀. (Ti òróró tó wọ inú oúnjẹ, mo ti gbà pé fọ́tò ò lè rí i.) Láìlo òṣùwọ̀n, igun wo ni kí n ti yà á kí gíga rẹ̀ lè hàn? Ẹ má bínú pé ó gùn díẹ̀. Mo dúpẹ́ o.