Akẹ́kọ̀ọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ Yorùbá ń kọ ìwé ìrántí ojoojúmọ́: báwo lẹ ṣe ń jẹ́ kó fúnra rẹ̀ tún un ṣe?

Olùkọ́ ìrọ̀lẹ́, Ìjẹ̀bú-Òde

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o. Àgùnbánirọ̀ kan láti Benue ni mo ń kọ́ ní Yorùbá. Mo ní kó máa kọ ohun tó ṣe lójúmọ́ sínú ìwé, gbólóhùn mẹ́fà péré. Ohun tó kọ ní Sátidé nìyí, bó ṣe kọ ọ́:

"Mo ti ji ni aago mefa. Mo ti lo si oja pelu Mama onile. Mama onile ra isu ewura meji. O ko mi bi a se n rin isu fun ikokore. Ikokore naa je dun. Mo n feran re pupo."

N kò fi bíírò pupa kàn án. Ìbéèrè mẹ́rin ló wà lẹ́yìn ìwé rẹ̀, ó sì ń ka iṣẹ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan fún ìbéèrè kọ̀ọ̀kan. Èkíní: "Ṣé 'ti' yìí pọn dandan?" Ó rò pé gbogbo ohun tó ti kọjá ló ń gba "ti". Mo fi "Nígbà tí mo dé ọjà, Màmá ti jáde" hàn án, ó sì rí i pé ibẹ̀ ló wúlò, torí ìjáde Màmá ti parí kí òun tó dé. "Mo jí", "mo lọ" ti tó. Èkejì: "Ṣé ọ̀rọ̀ yìí lè dá dúró láìsí 'jẹ́' tàbí 'ń'?" Ó pa "je" rẹ́, ó ku "dùn". Ó pa "n" tó wà níwájú "fẹ́ràn" rẹ́, ṣùgbọ́n ó fi ti "rin" sílẹ̀, torí ìyẹn iṣẹ́ tí ọwọ́ ń ṣe ni. Ẹ̀kẹta: "Ta ni mò ń sọ̀rọ̀ rẹ̀, ẹgbẹ́ mi àbí àgbà?" "Ó" di "Wọ́n". Àmì ló gbẹ̀yìn, torí bó bá kọ́kọ́ fi àmì sí i tó sì tún yí ọ̀rọ̀ padà, àṣedànù ni.

Ibi àmì yìí ló ti há. "Ko mi" ni mo ní kó kà sókè. Bó bá fi àmì ìsàlẹ̀ sí i, "kọ̀ mí", a jẹ́ pé Màmá lé e dànù nìyẹn! "Kọ́ mi" ló fẹ́ sọ. Ẹ wò ó pé "mi" náà yí ohùn padà. Ohun tí etí rẹ̀ kò tíì gbọ́, ìbéèrè kankan kò lè bá a rí i. Ẹ̀yin ńkọ́?

Ìyá Ìbejì, Ṣágámù

Tèmi tó wà ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ náà ń kọ irú rẹ̀, èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n sọ pé kó fi kọ ọ́. Wọ́n fi pupa kun gbogbo ojú ìwé náà. Láti ìgbà náà, "Mo jí, mo jẹun, mo sùn" nìkan ló ń kọ, torí kò sí àṣìṣe níbẹ̀. Ṣé ìbéèrè mẹ́rin yìí á bá tiẹ̀ mu?

Bàbá Olùkọ́ fẹ̀yìntì, Rẹ́mọ

Ìyá Ìbejì, kò lè bá a mu, ti Gẹ̀ẹ́sì yàtọ̀. Ẹ fi àṣìṣe ọmọ náà fúnra rẹ̀ ṣe ìbéèrè tirẹ̀.

Olùkọ́, ẹ pín ti àmì sí méjì. Kó kọ́kọ́ wá ẹ, ọ àti ṣ, kó tó kan àmì ohùn. Bí kò bá dá ohùn kan lójú, kó fi òbíríkítí yí ọ̀rọ̀ náà ká, kó má méfò, torí àmì tí a méfò sí a máa pẹ́ lọ́wọ́ ẹni. Kó sì ṣọ́ra fún pátákó ojú títì. Lára wọn ṣì ń kọ "aiye" àti "enia", bẹ́ẹ̀ "ayé" àti "ènìyàn" ni àkọtọ́ 1974 fọwọ́ sí.

Ọmọ Odògbolú

Ẹ fi "ó" yẹn sílẹ̀ fún un jàre. Ìyá mi àgbà kì í fi "wọ́n" pe ẹnì kan ṣoṣo, Ìjẹ̀bú kò mọ ìyẹn. Ohun tó gbọ́ lẹ́nu wọn ló kọ.

Bàbá Olùkọ́ fẹ̀yìntì, Rẹ́mọ

Òótọ́ wà níbẹ̀ fún ẹ̀ka èdè wa. Ṣùgbọ́n Yorùbá àjùmọ̀lò ló fi kọ ìyókù, kò lè fi gbólóhùn kan ṣoṣo sọ Ìjẹ̀bú láàárín rẹ̀. Bó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ ẹnu Màmá gan-an ló gbà sílẹ̀, kó fi àmì àyọlò yí i ká, kó sì kọ ọ́ bí wọ́n ṣe sọ ọ́.

Ọmọ Odògbolú

Màmá yẹn lè máà fẹ́ "wọ́n" náà o.

Olùkọ́ ìrọ̀lẹ́, Ìjẹ̀bú-Òde

N óò ní kó bi wọ́n. Òbíríkítí yẹn, òní ni a ó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ojú ewé òsì ló ń kọ sí, àtúnṣe sì wà lápá ọ̀tún, nítorí náà òbíríkítí á wà lọ́tùn-ún, èyí tó bá sì ṣẹ́kù níbẹ̀ ni a ó jọ kà sókè ní Mọ́ńdè.