Ogún ìṣẹ́jú témpò kì í tán kí n tó dúró: ṣé eré mi ti pọ̀ jù ni?

Ìyá Ìbejì, Sùúrùlérè
Ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀yin ará. Mò ń múra sílẹ̀ de 10km tí wọ́n máa ń sá pẹ̀lú màrátọ́ọ̀nù Èkó lóṣù kejì. Ìṣẹ́jú 58 ni mo fi sá 10km kẹ́yìn. Láràárọ̀ Ọjọ́bọ̀, àwa kan máa ń pàdé lẹ́gbẹ̀ẹ́ Sítédíọ̀mù kí ọkọ̀ tó pọ̀ lójú títì, a ó sì sá témpò: ogún ìṣẹ́jú láìdúró, kìlómítà kan ní 5:20. Bí a bá bẹ̀rẹ̀, mo máa ń wà láàárín wọn, àmọ́ kó tó dé ìdajì, èémí á ti há mi, ẹsẹ̀ á wúwo, ni màá bá bẹ̀rẹ̀ sí í rìn. Aago ọwọ́ mi á ní ọkàn mi ń lù ní 178. Ọmọ ọdún 41 ni mí. Lọ́jọ́ kejì, itan á máa ro mí. Kí ni témpò yìí ń ṣe lára gan-an, báwo ni mo sì ṣe máa mọ̀ pé mò ń sá a bó ṣe yẹ?

Eléré Yábàá
Ẹ fara dà á, Ìyá Ìbejì. Ásíìdì ló ń jáde nínú iṣan yín, témpò sì ń kọ́ ara láti gbé pẹ̀lú rẹ̀. Bí kò bá dunni, kì í ṣe témpò. Ní ti ìlù ọkàn, ẹ yọ ọjọ́ orí yín kúrò nínú 220, kí ẹ mú ìdá 90 nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀. 161 ni tiyín, ẹ má jẹ́ kó kọjá bẹ́ẹ̀. Ìrora ọjọ́ kejì yẹn, ásíìdì tó ṣẹ́ kù ni.

Kóòṣì Akọkà
Eléré, ẹ ní kó dùn wọ́n, ẹ tún ní kí wọ́n má kọjá 161. Èwo ni kí wọ́n mú?

Ìyá Ìbejì, ohun tí wọ́n ń pè ní ásíìdì yẹn, lákítéètì ni. Ara ń ṣe é nígbà gbogbo, kódà bí ẹ bá jókòó. Kì í ṣe pàǹtí: iṣan mìíràn, àti ọkàn pàápàá, máa ń gbà á lò láti fi ṣiṣẹ́. Bí ẹ bá ń sá wọ́ọ́rọ́wọ́, bó ṣe ń jáde ni ara ń lò ó. Bí ẹ bá ń fi kún eré, ẹ máa dé ibì kan tí èyí tó ń jáde á bẹ̀rẹ̀ sí í ju èyí tí ara lè lò lọ. Láti ibẹ̀, á máa pọ̀ sí i nínú ẹ̀jẹ̀, kò sì ní pẹ́ kí ẹ tó dúró. Etí ààlà yẹn ni a ti ń sá témpò. Bí ẹ bá ń sá a déédéé, ara á mọ bó ṣe ń lò ó kíákíá, ààlà á sì sún síwájú. Bí ẹ bá fò ó kọjá, iṣẹ́ mìíràn lẹ ń ṣe nìyẹn, ìṣẹ́jú tí ẹ lè fi ṣe é á sì kéré.

Eré etí ààlà yìí ni èèyàn lè gbé fún nǹkan bíi wákàtí kan lọ́jọ́ ìje. Ìyẹn ló jẹ́ kí tiyín rọrùn láti ṣírò. 10km yín fẹ́rẹ̀ẹ́ gba wákàtí kan, nítorí náà eré 10km yín gan-an ni eré témpò yín: 5:48 sí 5:50. Ẹni tó máa fi 5:20 ṣe témpò ní láti lè sá 10km ní nǹkan bíi ìṣẹ́jú 53. Ní tiyín, 5:20 sún mọ́ eré tí ẹ lè fi sá ìje 3km. Ẹ wò ó, ìje 3km á tán lẹ́sẹ̀ yín ní nǹkan bí ìṣẹ́jú 16. Ta ló wá lè fi sá ogún?

Ní ti itan, lákítéètì kì í sùn lára. Láàárín nǹkan bíi wákàtí kan lẹ́yìn eré, ó ti padà sí bó ṣe wà. Eré tí iṣan ò tíì mọ̀ ló ń ṣe é léṣe díẹ̀díẹ̀, òun ló ń ro yín.

Lẹ́kkí Títí Dé Ìkòyí
Kóòṣì, ẹ má bínú o. Gbogbo ibi tí mo ti kà á, eré ìdajì màrátọ́ọ̀nù ni wọ́n ní ká fi ṣe témpò.

Kóòṣì Akọkà
Òótọ́ ni, fún àwọn tó ń sá a tán ní nǹkan bíi wákàtí kan. Ìyá Ìbejì á lò ju wákàtí méjì lọ. Eré yẹn á tó 6:05 fún wọn, ó sì rọ̀ ju etí ààlà lọ.

Lẹ́kkí Títí Dé Ìkòyí
Pẹ̀lú ooru àti ọ̀rinrin Èkó yìí, 6:05 ni màá fi bẹ̀rẹ̀ tó bá jẹ́ èmi.

Kóòṣì Akọkà
Mi ò ní bá yín jà lórí ìyẹn. Bí ooru bá mú, ọkàn á máa yára sí i bí eré ò tilẹ̀ yí padà. Èmi á ṣì fún wọn ní 5:50 sí 6:00 kí ilẹ̀ tó mọ́ tán.

Bàbá Ọ̀báléńdé
Tèmi ńkọ́? Bó ti wù kí n sáré tó, aago ò kọjá 125. Mò ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru. Ṣé mi ò ṣiṣẹ́ tó ni?

Kóòṣì Akọkà
Bàbá, ẹ kú iṣẹ́. Oríṣi oògùn kan wà nínú wọn tí kì í jẹ́ kí ọkàn yára. Bó bá jẹ́ ọ̀kan nínú rẹ̀ lẹ ń lò, nọ́ńbà aago ò lè darí yín. Ẹ bi dókítà yín léèrè kí ẹ tó fi kún eré, ẹ má sì fọwọ́ ara yín dá oògùn dúró.

Ìyá Ìbejì, 178 yẹn ò dá mi lójú. 220 yẹn fún gbogbogbòò ni, ó lè fi ju mẹ́wàá lọ ṣìnà lára ẹnì kan. Èkejì, aago ọwọ́ tó bá ṣí díẹ̀ lè máa ka ìṣísẹ̀ dípò ìlùkìkì ọkàn, ìṣísẹ̀ ọ̀pọ̀ èèyàn sì máa ń wà láàárín 160 sí 180 ní ìṣẹ́jú kan. Bí ẹ bá dúró, ẹ fi ìka sí ọrùn lójú ẹsẹ̀, ẹ kà á fún ìṣẹ́jú-àáyá 15, kí ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po mẹ́rin.

Èémí ni kí ẹ gbára lé jù. Bí ẹ bá lè sọ pé “mò ń lọ sí Ojúẹlẹ́gbà” kí ẹ tó mí, tí ẹ ò sì fẹ́ sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ wà níbẹ̀. Bí ẹ bá ń ròyìn ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́jà, ó ti rọ̀ jù. Bó bá jẹ́ “bẹ́ẹ̀ ni” nìkan ló ń jáde, ẹ ti kọjá ààlà. Bí ẹ bá sì parí, ó yẹ kó jẹ́ pé ẹ ṣì lè gbé e fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá sí i.

Lọ́jọ́bọ̀ yìí, ẹ má bá wọn lọ. Ẹ sá wọ́ọ́rọ́wọ́ fún ìṣẹ́jú 15, lẹ́yìn náà ìṣẹ́jú márùn-ún lẹ́ẹ̀mẹrin ní 5:50 sí 6:00, pẹ̀lú ìṣẹ́jú kan wọ́ọ́rọ́wọ́ láàárín. Bí ẹ̀kẹrin bá falẹ̀ ju èkíní lọ, èkíní ló yá jù.

Ìyá Ìbejì, Sùúrùlérè
Ẹ ṣé gan-an o. Mo ti ṣe é. Èkíní 5:54, ẹ̀kẹrin 5:52, mi ò rìn rárá. Lọ́rùn, mo ka 41 ní ìṣẹ́jú-àáyá 15, ìyẹn 164. Aago ní 176! Ẹnì kan ní kí n wá ṣe tọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ lórí afárá Lẹ́kkí sí Ìkòyí. Bí mo bá ń gun òkè níbẹ̀, ṣé 5:50 náà ni?

Eléré Yábàá
5:50 náà ni! Òkè kì í gba àforíjì.

Kóòṣì Akọkà
Rárá o. Ẹ di èémí yẹn mú bó ṣe wà, kí eré lọ síbi tó bá lọ, ìbáà di 6:15. Bí ẹ bá ń sọ̀kalẹ̀, ẹ má sáré san án padà. Àmọ́ bí nọ́ńbà lẹ fẹ́ mọ̀ dájú, ilẹ̀ títẹ́jú Sùúrùlérè yẹn dára ju afárá lọ.