Ìbéèrè tí mo bi agbanisíṣẹ́ ọsibítù kan ní Amẹ́ríkà nípa ìwé ẹ̀rí mi

Bùkọ́lá: Nọ́ọ̀sì ni mí. Ọsibítù kan ní Amẹ́ríkà fẹ́ gbà mí sí wọ́ọ̀dù iṣẹ́ abẹ. Ohun tí mo kọ sí ọ̀gá tó ń gba òṣìṣẹ́ nìyí:

"Ẹ kú iṣẹ́, sà. Kí n tó náwó sí i, ẹ jọ̀ọ́, ìgbìmọ̀ nọ́ọ̀sì ìpínlẹ̀ wo ló máa fún mi níwèé àṣẹ? Ṣé wọ́n á béèrè ìròyìn CES, ti àyẹ̀wò ìwé ẹ̀rí, látọ̀dọ̀ CGFNS tó ń jẹ́ TruMerit báyìí? Ta ló sì máa sanwó VisaScreen, ìwé ẹ̀rí ti físà?"

Èsì tó fún mi ni pé kí n kọ́kọ́ yege NCLEX, ìdánwò ìwé àṣẹ nọ́ọ̀sì, ná. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń dá a lóhùn?

Kúnlé: Fọkàn balẹ̀. Ọsibítù ló ń bójú tó gbogbo rẹ̀. Kọ́bọ̀ kan kò jáde lápò mi.

Ìyá Tóbi: Kúnlé, wọ́n lè sanwó lóòótọ́, àmọ́ wọn ò lè gbàwé àṣẹ fún èèyàn. Bùkọ́lá, ọ̀gá yẹn ti fi ẹ̀yìn ọ̀rọ̀ síwájú. Ìgbìmọ̀ ìpínlẹ̀ kan ló gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ sọ pé o tóótun, kí wọ́n tó fi ATT ránṣẹ́ sí ẹ, èyí tí wàá fi mú ọjọ́ ìdánwò. Orúkọ ìpínlẹ̀ náà ni kí ọ̀gá yẹn sọ fún ẹ ná.

Bí wọ́n bá béèrè CES, ilé ẹ̀kọ́ rẹ fúnra rẹ̀ ló máa fi èsì ẹ̀kọ́ ránṣẹ́ sí CGFNS. Èyí tó bá gba ọwọ́ tìẹ kọjá, wọn ò ní kà á sí. Níbẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti ń dojú rú. Ìwé ọ̀rẹ́ mi kan kọ iye wákàtí tó fi jókòó ní kíláàsì fún ìtọ́jú àrùn ọpọlọ, ṣùgbọ́n àyè wákàtí wọ́ọ̀dù ṣófo. Ó ṣe iṣẹ́ náà o! Akọ̀wé ilé ẹ̀kọ́ ni kò kọ ọ́. Ìgbìmọ̀ ní kó lọ tún un kọ́. Torí náà, bẹ wọ́n kí o rí ẹ̀dà rẹ̀ kí wọ́n tó fi ránṣẹ́: ìtọ́jú àgbàlagbà, iṣẹ́ abẹ, aboyún, ọmọdé àti àrùn ọpọlọ. Wo wákàtí kíláàsì, wo ti wọ́ọ̀dù.

Ṣadé: Ìdánwò CBT ni èmi kọ́kọ́ ṣe, mo wá ṣe ti OSCE. Kò le rárá.

Bùkọ́lá: Ẹ ṣé, ti NMC, àjọ nọ́ọ̀sì ìlú Gẹ̀ẹ́sì, nìyẹn, ẹ̀gbọ́n. Amẹ́ríkà ni tèmi.

Kúnlé: Ó dáa, mo gbà. Ṣùgbọ́n bí CES bá ti jáde, ṣebí VisaScreen náà ti parí nìyẹn?

Ìyá Tóbi: Rárá o. Ìgbìmọ̀ ni CES wà fún, físà ni VisaScreen wà fún. Èèyàn lè ní ìwé àṣẹ lọ́wọ́ kí wọ́n sì dá a dúró níbi físà torí èkejì. California tún le ju ibòmíràn lọ: wọ́n á wò ó bóyá ìgbà kan náà lo kọ́ ẹ̀kọ́ kíláàsì àti ti wọ́ọ̀dù.

Bùkọ́lá: Mo ti kọ̀wé padà sí ọ̀gá náà pé orúkọ ìpínlẹ̀ ni kó sọ fún mi. Ṣùgbọ́n ilé ẹ̀kọ́ mi ti di ara yunifásítì báyìí. Ta ló máa wá buwọ́ lu wákàtí mi?

Ìyá Tóbi: Ọ́fíìsì akọ̀wé àgbà yunifásítì ni mo rò, bí wọ́n bá kó fáìlì yín dé ibẹ̀.

Ṣadé: Àwọn kan tí mo mọ̀ gba ọ̀dọ̀ àjọ nọ́ọ̀sì ilé lọ. Mi ò mọ̀ bóyá wọ́n gbà á.