Ṣé ará Ṣáínà yìí fi òdo kún owó mi ni, àbí èmi ni mi ò mọ̀ ọ́n kà?

Ìyá Olómi: Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Mo ń bá ọkùnrin kan ní Guangzhou sọ̀rọ̀ lórí WeChat nítorí ẹ̀rọ tó ń rọ omi sínú ọ̀rá. Mo bi í pé èló ni, ohun tó kọ ránṣẹ́ nìyí: 总价12.8万, 9.8发货. Mo rí 12.8, mo gbà pé 12,800 yúàn ló ń wí. Ó ní kí n san ìdá ọgbọ̀n nínú ọgọ́rùn-ún sílẹ̀, mo fi 3,840 ránṣẹ́. Àná ló wá ní ó ku 34,560 kí àsansílẹ̀ tó pé! Ìwé àdéhùn tó fi ránṣẹ́, 人民币壹拾贰万捌仟元整 ló wà níbi iye owó, kò sí nọ́ńbà kankan tí ojú mi mọ̀. Ọjọ́ 9 oṣù kẹjọ tó ní òun máa kó ẹrù sì ti kọjá. Ṣé jìbìtì ni?

Bàbá Ṣíkẹ́mi: Ẹ má fún àwọn tó ń ṣẹ́ owó lójú títì lówó o. Lọ́dún tó kọjá, ọjọ́ mẹ́fà gbáko ni mo fi ń wá owó tí wọ́n ní àwọn ti fi ránṣẹ́.

Ìyá Olómi: Ẹ ṣé, Bàbá. Owó ti dé ọwọ́ rẹ̀, iye rẹ̀ ni ìjà.

Olùkọ́ Ìṣirò: 万 yẹn, wàn ni wọ́n ń pè é, ọ̀kẹ́ tiwọn nìyẹn. Ṣebí mílíọ̀nù kan, àádọ́ta ọ̀kẹ́ ni àwọn baba wa ń pè é? Ọ̀kẹ́ kan jẹ́ 20,000. Ẹ ṣe é lọ́nà 12.8, ó di 256,000 yúàn. Ìyá, ẹ tètè sá.

Alájàpá: Ẹ̀gbọ́n Olùkọ́, ẹ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gbà á. Ọ̀nà kan náà ni wọ́n ń gbà kà á, àmọ́ ìlàjì ọ̀kẹ́ ni wàn kan, 10,000 péré. Ọdún mẹ́sàn-án ni mo fi ra ọjà ní Guangzhou.

Ìyá, kò fi òdo kún un. Wàn 12.8 jẹ́ 128,000. Ìdá ọgbọ̀n nínú rẹ̀ jẹ́ 38,400. Ẹ yọ 3,840 tí ẹ ti san, 34,560 ló kù lóòótọ́.

Àwa, bí òdo bá ti pé mẹ́ta, orúkọ ń yí padà. Tiwọn, ó di mẹ́rin. Bí mo bá rí nọ́ńbà gígùn, mo máa ń fi bírò gé e láti ẹ̀yìn wá, mẹ́rin mẹ́rin. 128000 á di 12|8000, ìyẹn 12万8000. 350000000 á di 3|5000|0000, ìyẹn 3亿5000万. 亿 yẹn, yì ni wọ́n ń pè é, wàn lọ́nà wàn. Ẹ má retí ìlà yẹn lórí risíìtì o. Mẹ́ta mẹ́ta ni kọ́mà wọn níbẹ̀, bíi tiwa. Ẹnu ni wọ́n fi ń kà á ní mẹ́rin mẹ́rin. Òun ló máa ń da èèyàn rú.

Ti ìwé àdéhùn: 壹拾贰 ni 12, 万 tẹ̀ lé e, 捌仟 ni 8,000. Ìkọ̀wé owó ni. Bí èèyàn bá kọ 一 lásán, ìyẹn 1, oníjìbìtì á fi ìlà kan kún un, ó di 二, ìyẹn 2, tàbí 十, ìyẹn 10. 1 ti ìkọ̀wé owó ni 壹, ta ló máa rí ibi fi ìlà kún nínú rẹ̀? 整 tó kẹ́yìn ni pé owó parí síbẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má kọ nǹkan mọ́ ọn.

Ọdún, oṣù, ọjọ́ ni wọ́n máa ń tò ó. Ọjọ́ 8 oṣù kẹsàn-án ni 9.8. Kò tíì pẹ́.

Tólá Aláṣọ: Tèmi, 一万二 ni wọ́n kọ. Mo kà á sí 10,002, mo tún ń rẹ́rìn-ín pé kí ni wọ́n fẹ́ fi yúàn méjì ṣe. Àṣé 12,000 ni!

Alájàpá: Wọ́n gé ìparí rẹ̀ jẹ ni. Nọ́ńbà tó bá dá dúró lẹ́yìn wàn báyìí, ẹgbẹ̀rún ni. Bó bá jẹ́ 10,002 gan-an, 一万零二 ni wọn ì bá kọ, 零, òdo tiwọn, á wà láàárín.

Olùkọ́ Ìṣirò: Mo gbà. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ omi ọ̀rá wo ló ń jẹ́ 128,000?

Alájàpá: Ó dá lórí bó ṣe tóbi tó, Ẹ̀gbọ́n. Mi ò rí ẹ̀rọ náà.

Ìyá Olómi: Ẹ̀rọ kékeré ni mo rò pé mò ń rà. Mi ò ní 128,000 o! Ṣé mo lè gba 3,840 mi padà?

Alájàpá: Ẹ wo ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi pe àsansílẹ̀ nínú ìwé yẹn. Bó bá jẹ́ 订金, ẹ lè béèrè rẹ̀. Bó bá jẹ́ 定金, ẹni tó yẹ̀ àdéhùn kì í rí i gbà padà. Bákan náà ni wọ́n ń pe méjèèjì. Ṣé ẹ ti fọwọ́ síwèé?

Ìyá Olómi: Rárá, mi ò tíì fọwọ́ sí i. Àmọ́ èyí tó ní òrùlé lórí ni mo ń wò yìí, 定. Ẹ jẹ́ kí n pè é ná.