Ìbátan ni àbí ìbárìn? Orúkọ tó yẹ kọriléṣọ̀n

Ọmọ Ìjàpọ̀:
Ẹ káalẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Mò ń kọ ìwé pélébé kan ní Yorùbá fún ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wa ní Àkúrẹ́ níbí. Wọ́n fẹ́ pín owó ẹgbẹ́ sí òwò méjì, koko gbígbẹ àti adìẹ tó ń yé. Mo pe kọriléṣọ̀n, òṣùwọ̀n bí èrè òwò méjì ṣe jọ ń gòkè sọ̀ kalẹ̀, ní "ìbátan", mo sì pe fáríáǹsì, òṣùwọ̀n bí èrè ṣe ń yà kúrò lójú ọ̀nà ẹ̀, ní "ìyàtọ̀", akọ̀wé ẹgbẹ́ kà á tán ó ní òun ò rí ibi tó ń lọ. Kí ni kí n pè wọ́n?

Bọ̀dá Ọ̀ba-Ilé:
Ìbátan ò burú jàre, kí ni akọ̀wé yẹn ń wá? Koko àti adìẹ ò bára wọn tan, ó parí. Àwọn baba wa ti sọ ọ́ tipẹ́ pé ọ̀nà kan ò wọjà. Bí òwò méjì ò bá ti jẹ́ ọ̀kan náà, ewu ti dín kù nìyẹn, kò nílò gírámà kankan.

Ìyá Ọjà Ọba:
Èmi ò mọ kọri-kí-ni yẹn o, ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́ ẹ má fi ìbátan dówò. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ni mo fi sí ṣọ́ọ̀bù kejì, ohun tójú mi rí kò ṣeé sọ. Ìrẹsì ni mò ń tà ní ti àkọ́kọ́, èlùbọ́ ni mo kó sí èkejì, mo ní bí ọ̀kan ò bá yá èkejì á yá. Nígbà tí wọ́n yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní 2023 tí owó ọkọ̀ fò sókè, àwọn oníbàárà wábi gbà, ìrẹsì ò tà, èlùbọ́ náà ò tà, ṣọ́ọ̀bù méjì ni mò ń sanwó ẹ̀ kiri. Torí náà ẹ sọ fún ẹgbẹ́ yẹn pé kí wọ́n gba àjèjì síbẹ̀, ìyẹn ló dáa.

Tíṣà Ìdànrè:
Ẹ ṣé mà. Ohun tẹ́ ẹ kọ yìí gan-an ló jẹ́ ká mọ̀ pé "ìbátan" ò lè ṣiṣẹ́ yìí, torí ẹni tó bá ti gbọ́ ọ, ọmọ ẹ̀gbọ́n ló máa wá sí i lọ́kàn. Ìbátan ń sọ ibi tí nǹkan ti ṣẹ̀ wá, kì í sọ bó ṣe ń rìn. Ìbejì kan náà lè jí láàárọ̀ kí Táyé forí lé Oǹdó kí Kẹ́hìndé forí lé Ọ̀wọ̀, ìbátan ni wọ́n o, àmọ́ wọn ò bára wọn rìn. Ìrẹsì yín àti èlùbọ́ yín ńkọ́? Ọ̀kan wá láti inú ẹrẹ̀, ọ̀kan wá láti ara iṣu, kò sí ohun tó pa wọ́n pọ̀, síbẹ̀ lọ́jọ́ tí owó ọkọ̀ fò, wọ́n jọ dákú ni. Ìrìn yẹn ni kọriléṣọ̀n ń wọ̀n. "Ìbárìn" ni èmi máa pè é. Bí méjèèjì bá ń gòkè sọ̀ kalẹ̀ pọ̀ pátápátá, ìbárìn jẹ́ +1, bí ọ̀kan bá ń gòkè nígbà gbogbo tí èkejì ń sọ̀, ó jẹ́ -1, òwò gidi sì sábà máa ń wà láàárín.

Bọ̀dá, òwe yín dáa, ṣùgbọ́n ọ̀nà kan ò wọjà ò sọ bóyá ọ̀nà méjèèjì gba orí afárá kan náà. Bí àgbàrá bá gbé afárá yẹn lọ, ẹni tó mọ ọ̀nà méjì àti ẹni tó mọ ẹyọ kan, ilé ni wọ́n jọ máa jókòó sí.

Ẹ jẹ́ ká ro ó wò. Ká ní ẹgbẹ́ ní mílíọ̀nù mẹ́wàá náírà, mẹ́fà lọ sí koko, mẹ́rin lọ sí adìẹ. Ká ní èrè koko máa ń yà kúrò lójú ọ̀nà ẹ̀ ní ìwọ̀n 20% lọ́dún, ti adìẹ 30%, torí àìsàn lè wọ ọgbà adìẹ lójijì. Èmi ni mo fọwọ́ ara mi gbé iye wọ̀nyẹn kalẹ̀ kí ìṣirò lè rọrùn o, kì í ṣe pé mo lọ wọ̀n ọ́n lọ́jà. Ìṣirò tí Harry Markowitz ará Amẹ́ríkà gbé jáde ní 1952, tí wọ́n tún torí ẹ̀ fún un ní ẹ̀bùn Nọ́bẹ̀lì ní 1990, rèé:

σp² = w1²σ1² + w2²σ2² + 2·w1·w2·ρ·σ1·σ2

w ni ìdá owó tó lọ sí òwò kọ̀ọ̀kan, σ ni ìyapa èrè ẹ̀, σp ni ìyapa gbogbo owó náà, ρ yẹn ni ìbárìn. Koko: 0.6 lọ́nà 20 jẹ́ 12. Adìẹ: 0.4 lọ́nà 30, òun náà 12. 12 lọ́nà 12 jẹ́ 144, ẹ̀ẹ̀mejì ló wà, ó di 288. Apá tó kù ni 2 lọ́nà 12 lọ́nà 12 lọ́nà ìbárìn, ìyẹn 288 lọ́nà ìbárìn. Ẹ wá rí i pé ibẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ wà, torí 288 àkọ́kọ́ kì í yí padà, ìbárìn ló ń pinnu bóyá a máa fi 288 mìíràn kún un tàbí a máa yọ ọ́ kúrò.

Bọ̀dá Ọ̀ba-Ilé:
Tíṣà, ewu 288% kẹ̀? Kí wọ́n kúkú rì owó náà mọ́lẹ̀ sábẹ́ òkè Ìdànrè.

Tíṣà Ìdànrè:
Háà, mo sáré jù. 288 kì í ṣe 288%, àwọn iye tá a ti sọ di púpọ̀ pẹ̀lú ara wọn ni, ìyẹn sì ni fáríáǹsì. Ẹ gbọ́dọ̀ wá gbòǹgbò ẹ̀ padà kó tó di ohun tí èèyàn lè lóye. Gbòǹgbò 288 tó nǹkan bíi 17, torí náà bí ìbárìn bá jẹ́ 0, ìyapa gbogbo owó ẹgbẹ́ jẹ́ 17%, mílíọ̀nù kan àti ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́rùn-ún méje. Bó bá jẹ́ +1, 576 ni, gbòǹgbò ẹ̀ 24, kò sí àǹfààní kankan nínú pípín. Bó bá jẹ́ -1, òdo ni, koko gbé ohun tí adìẹ jù sílẹ̀ pátá, àmọ́ èmi ò tíì rí irú òwò méjì bẹ́ẹ̀ rí.

Ọmọ Ìjàpọ̀, ìdí nìyí tí "ìyàtọ̀" ò fi dáa fún fáríáǹsì, torí ìyàtọ̀ ni ohun tó kù nígbà téèyàn bá yọ 7 kúrò nínú 10. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sì kọ "ìlọ́po méjì" fún ohun tá a sọ di púpọ̀ pẹ̀lú ara ẹ̀. Mo ti rí i nínú ìwé ọmọ ilé ẹ̀kọ́ rí, ọmọ náà ní ìlọ́po méjì 12 ni 24, kò sì purọ́, ẹni tó kọ́ ọ ló ṣì í lọ́nà.

Ọmọ Ìjàpọ̀:
Ó yé mi. Ṣé mo wá lè kọ ọ́ báyìí pé bí ìbárìn ò bá ti tó 1, kí wọ́n pín owó náà, ewu á dín kù ju kí wọ́n kó gbogbo ẹ̀ sí koko lọ?

Tíṣà Ìdànrè:
Rárá o, ibẹ̀ gan-an ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣubú, àtèmi náà nígbà kan. Ẹ fi ìbárìn sí 0.5 kẹ́ ẹ wò ó: 288 pẹ̀lú 144 jẹ́ 432, gbòǹgbò ẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 20.8. Bẹ́ẹ̀ 20 ni ti koko nìkan! Wọ́n pín owó, ewu lé sí i. Ó dín ju 24 lọ lóòótọ́, ìyẹn tí ìwọ̀n méjèèjì ì bá fún wa ká ní wọ́n so kọ́ra, ṣùgbọ́n kò dín ju kí wọ́n jókòó ti koko wọn lọ.

Ohun tá a fi ń mọ̀ ọ́n ni kẹ́ ẹ fi ìyapa ńlá pín ìyapa kékeré, 20 sí 30, ìdá méjì nínú mẹ́ta, nǹkan bíi 0.67. Bí ìbárìn bá tó bẹ́ẹ̀ tàbí tó jù bẹ́ẹ̀ lọ, kò sí iye adìẹ kankan tó lè mú ewu wá sábẹ́ 20, àyàfi tí wọ́n bá ń yá adìẹ aládìẹ tà. Bó bá wà nísàlẹ̀ ẹ̀, àyè wà, ṣùgbọ́n iye adìẹ gbọ́dọ̀ kéré. Ní 0.5 yìí, ibi tí ewu ti kéré jù ni kí adìẹ jẹ́ nǹkan bíi 14%, mílíọ̀nù kan àti díẹ̀, ewu á wá di 19.6. Láti 20 sí 19.6, ẹ̀yin náà ẹ wò ó bóyá ó tó owó oúnjẹ adìẹ. Wọ́n ṣì lè pín in tí èrè adìẹ bá wù wọ́n, ìyẹn ọ̀rọ̀ mìíràn, torí ìbárìn kì í fọwọ́ kan èrè tí wọ́n ń retí: bí koko bá ń mú 15% wá tí adìẹ ń mú 20%, mẹ́fà sí mẹ́rin á mú 17% wá, yálà wọ́n jọ ń rìn tàbí wọn ò jọ rìn.

Bọ̀dá Ọ̀ba-Ilé:
Ó dáa, mo gbà. Mo ní ìwé iye koko àti ti kéréètì ẹyin tí mo ti ń kọ sílẹ̀ lóṣooṣù fún ọdún mẹ́ta. Mo tẹ̀ ẹ́ sínú kọ̀ǹpútà báyìí, ó fún mi ní 0.93. Ṣé kí ẹgbẹ́ yẹn jáwọ́ nínú adìẹ nìyẹn?

Tíṣà Ìdànrè:
Bọ̀dá mi, iye ọjà lẹ fi ṣe é àbí ìyípadà iye? Ní Nàìjíríà, bẹ́ ẹ bá kọ iye koko àti iye ìṣáná sílẹ̀ fún ọdún mẹ́ta, ó lè sọ nǹkan bíi 0.9, torí gbogbo nǹkan ló jọ ń wọ́n nígbà tí náírà bá ń já wálẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ wá ìdá tí oṣù yìí fi yàtọ̀ sí oṣù tó kọjá. Bí koko bá wà ní òpó B, tí ẹyin wà ní C, láti ìlà 2 dé 37, D àti E ni ìyípadà máa wà, kẹ́ ẹ fà á wálẹ̀ dé ìlà 37:

```
D3: =B3/B2-1
E3: =C3/C2-1
=CORREL(D3:D37,E3:E37)
```

Bọ̀dá Ọ̀ba-Ilé:
0.2! Lórí ìwé kan náà! Mo mà ti fẹ́ sọ ọmọ ọlọ́mọ sínú kòtò.

Tíṣà Ìdànrè:
Oṣù 36 kéré o, ẹ má fi 0.2 búra. Iye ẹyin nìkan kọ́ ni èrè ẹyin sì ni, oúnjẹ adìẹ ńkọ́? Owó òkèèrè bíi dọ́là ni ayé fi ń ná koko, torí náà bí náírà bá já, iye koko á gòkè ní tiwa níbí. Àgbàdo àti sóyà tí adìẹ ń jẹ náà á wọ́n, èrè adìẹ á sì lọlẹ̀. Ní irú ọdún bẹ́ẹ̀ wọ́n lè kọ̀yìn síra, èyí tó dáa fún ẹgbẹ́. Ṣùgbọ́n bí ojú ọ̀nà bá dí tí ọkọ̀ ò lè jáde, méjèèjì á jọ dúró, bí ìrẹsì àti èlùbọ́ ìyá wa.

Ìyá Ọjà Ọba:
Ó ti wá yé mi, afárá kan náà ni mò ń gbà látijọ́ tí mo ń bú ọmọ ẹ̀gbọ́n mi. Ìbárìn dáa, èmi gbà á. Àmọ́ kí lẹ máa pe ti òdo yẹn? Bẹ́ ẹ bá ní "àìbárìn", lójú tèmi ó dà bí ẹni tó ń bára wọn jà, bẹ́ẹ̀ ẹ ní àwọn tó ń jà ni -1.

Tíṣà Ìdànrè:
Òótọ́ lẹ sọ mà. "Ìdárìn" ńkọ́, pé kálukú ń dá rìn? Kí -1 wá jẹ́ "ìbárìn òdì".

Bọ̀dá Ọ̀ba-Ilé:
Ìdárìn bí ẹni tó sọ ọ̀nà nù. Èmi fẹ́ "olúkálùkù-lọ́nà-tiẹ̀".

Ọmọ Ìjàpọ̀:
Ìyẹn gùn jù fún ìwé pélébé, bọ̀dá. Mo ti kọ ìbárìn sílẹ̀, mo kọ "ìyapa" fún ti 20 àti 30, mo sì pa 288 rẹ́ pátápátá, gbòǹgbò ẹ̀ nìkan ni wọ́n máa rí. Mo fi àyè fáríáǹsì sílẹ̀ lófìfo. Ọjọ́bọ̀ ni wọ́n máa tẹ̀ ẹ́, ẹni tó bá rí orúkọ kó tètè sọ.